Ilé tẹ́ ẹ padà lọ bá: ohun tó ń ṣe sí ìṣirò ìyípadà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣe ìwádìí oúnjẹ ilé ní ráwùn méjì, oṣù mẹ́ta ló wà láàárín wọn, ilé 1,200 ní ráwùn kọ̀ọ̀kan. Ní ráwùn kìíní 40% ló ní oúnjẹ tán pátápátá nílé àwọn lóṣù yẹn, ní ìkejì ó di 36.5%. Mo ṣírò ẹ̀, ó ní ìyàtọ̀ yẹn ò dájú. Ọ̀gá mi ní mi ò ka ilé 900 tó wà ní ráwùn méjèèjì sí. Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ìṣirò gan-an? Ṣé ká kúkú máa padà sí ilé 1,200 kan náà ni? Mo ti fi tábìlì wọn ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀gá ẹ jàre nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí ohun tó o ṣe: o gbé fáríáńsì ráwùn kìíní, o gbé ti ìkejì, o rò wọ́n pọ̀, o wá rúùtù ẹ̀, ó fún ẹ ní sítáńdáàdì ẹ́rọ̀ póíńtì 1.98, ìdínkù póíńtì 3.5 wá dà bíi nǹkan tó lè wà níbikíbi láàárín pé ó lọ sókè díẹ̀ àti pé ó já wálẹ̀ ní póíńtì 7.4. Ìṣirò yẹn dáa, tó bá jẹ́ pé ilé tuntun pátá lẹ lọ bá lẹ́ẹ̀kejì. Àmọ́ mẹ́ta nínú ilé mẹ́rin ni ẹ tún padà lọ kan ìlẹ̀kùn wọn.

Wò ó báyìí. Ilé kan wà tó lọ́mọ mẹ́fà, owó ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, oúnjẹ tán níbẹ̀ ní ráwùn kìíní. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe dáadáa kó tún tán. Ilé kejì, ìyá ń gbowó oṣù, bàbá ní sọ́ọ̀bù, oúnjẹ ò tán nígbà yẹn, kò jọ pé ó máa tán báyìí. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé sáńpù yín kó irú ilé àkọ́kọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, iye ráwùn kìíní á ga ju òótọ́ lọ, iye ráwùn kejì náà á sì ga torí ilé kan náà ni, tó o bá wá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, àṣìṣe yẹn á bá a lọ. Bí ìgbà tí ìyá oníṣòwò fi kóńgò tó ti tẹ̀ nídìí wọn gàrí lánàá tó tún fi kóńgò yẹn náà wọ̀n ọ́n lónìí ni, o ò lè fi mọ iye gàrí tó wà nínú àpò gan-an, àmọ́ bóyá tòní ju tàná lọ, kóńgò yẹn á sọ ọ́ fún ẹ dáadáa. Tó bá jẹ́ kóńgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, o ò ní mọ̀ bóyá gàrí ló yàtọ̀ ni àbí kóńgò.

Bó ṣe rí nínú fọ́múlà nìyí:

```
Var(p2 - p1) = V1 + V2 - 2 * P * r * sqrt(V1 * V2)
```

V1 àti V2 ni fáríáńsì ráwùn méjèèjì. P ni ìdá àwọn ilé àtúnlọ, ìyẹn àwọn tẹ́ ẹ bá ní ráwùn méjèèjì, tiyín jẹ́ 0.75. r ni kọrílésọ̀n, bí ìdáhùn ilé kan ní ráwùn kìíní ṣe bá ìdáhùn ilé yẹn gan-an ní ìkejì mu tó. Apá tó ní àmì ìyọkúrò yẹn lo fi sílẹ̀, òun ló sì ń dín fáríáńsì kù. Kíyè sí i pé P àti r ń sọ ara wọn di púpọ̀ ni, tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ òdo, ẹ ò jèrè nǹkan kan: ẹ lè padà sí gbogbo ilé, tí ìdáhùn wọn bá ń yí bó ṣe wù ú, bíi ilé tuntun lásán ni.

Níbo la ti máa rí r? Nínú tábìlì tó o fi ránṣẹ́. Nínú ilé 900 yẹn, 258 ní oúnjẹ tán ní ráwùn méjèèjì, 102 ní ó tán nígbà kìíní àmọ́ kò tán mọ́, 70 ni kò tán níbẹ̀rẹ̀ tó wá tán, 470 ni kò tán rí rárá. Tó bá jẹ́ pé ráwùn méjèèjì ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ara wọn ni, ilé bíi 131 nìkan ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ni lẹ́ẹ̀mejì, o wá rí 258. Tó o bá ṣírò kọrílésọ̀n ẹ̀ látinú iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ó máa fún ẹ ní 0.60.

Ó yá, fi sínú fọ́múlà. V1 jẹ́ 0.000200, V2 jẹ́ 0.000193, àròpọ̀ wọn 0.000393, ibẹ̀ lo dúró sí. Ohun tó yẹ kó o yọ kúrò jẹ́ 0.000176, ó ku 0.000217, rúùtù ẹ̀ jẹ́ 0.0147, ìyẹn póíńtì 1.47 dípò 1.98. Ìdínkù póíńtì 3.5 wá di ohun tó wà láàárín 0.6 àti 6.4, kò kan òdo mọ́. Dátà kan náà ni o, ẹ ò fi ilé kan kún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí 1.47 yẹn pẹ̀lú ilé tuntun pátá ní ráwùn méjèèjì, ẹ máa nílò bíi ilé 2,170 ní ráwùn kọ̀ọ̀kan.

Kó o tó lọ kọ ọ́ sínú ìròyìn ṣá, mo ṣírò yìí bíi ẹni pé wọ́n kàn ṣẹ́ kèké mú ilé 1,200 ni. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ mú àdúgbò ìkànìyàn, kẹ́ ẹ tó mú ilé nínú ẹ̀, ilé tó wà ní àdúgbò kan sì máa ń jọra, nítorí náà fáríáńsì tòótọ́ máa ju èyí lọ. Fi ẹ̀rọ ṣe é. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó o to dátà ráwùn méjèèjì lé ara wọn di fáìlì kan, kí ráwùn jẹ́ kọ́lọ́mù kan nínú ẹ̀, kó o wá sọ fún ẹ̀rọ pé àdúgbò ni kọ́lọ́sítà:

```r
library(survey)
d <- svydesign(ids = ~ea, strata = ~strat,
               weights = ~w, data = both, nest = TRUE)
summary(svyglm(y ~ factor(round), design = d))
```

Iye tó bá jáde níwájú `factor(round)2` ni ìyípadà, sítáńdáàdì ẹ́rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì ti ka àtúnlọ mọ́ ọn. O ò ní láti tọwọ́ bọ r kankan. Ó tún mú nǹkan kan tí fọ́múlà mi ò mú: ilé 300 tẹ́ ẹ fi rọ́pò, tó bá jẹ́ pé inú àdúgbò kan náà lẹ ti mú wọn, àwọn náà á jọ àwọn tó jáde díẹ̀, torí ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná, òjò kan náà ló ń rọ̀ sóko wọn.

Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ló ti ń bàjẹ́ jù, ó sì dùn mí dé ọkàn torí ó ti ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn tó ń to dátà fún àdúgbò ní nọ́ńbà tuntun ní ráwùn kọ̀ọ̀kan, àdúgbò tó jẹ́ 17 ní ráwùn kìíní di 217 ní ìkejì, ẹ̀rọ wá rò pé àdúgbò méjì tó jìnnà síra ni, kò sì yọ kofáríáńsì kankan, ìyẹn apá tó ní àmì ìyọkúrò nínú fọ́múlà. Ọdún kan gbáko la fi ń kọ ọ́ pé kò sí ìyípadà tó dájú, tí àwọn ilé yẹn sì ń jẹ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Irú ẹ̀ kan tún ni kéèyàn so ráwùn mọ́ strata, ìyẹn ìpín tẹ́ ẹ pín àwọn àdúgbò sí, kó ní strata 1 ti ráwùn kìíní yàtọ̀ sí strata 1 ti ráwùn kejì, ibì kan náà ló ń já sí. Bó o ṣe máa mọ̀: wo iye kọ́lọ́sítà tí ẹ̀rọ kà nínú fáìlì àpapọ̀. Tẹ́ ẹ bá lo àdúgbò 80, tó wá ní 160, o ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Tàbí kó o fi sítáńdáàdì ẹ́rọ̀ tó gbé jáde wé èyí tó o rí nígbà tó o kàn ro fáríáńsì ráwùn kọ̀ọ̀kan pọ̀ (látinú ẹ̀rọ kan náà o, kì í ṣe tọwọ́), tí méjèèjì bá rí bákan náà, kò tíì rí àtúnlọ yín rárá.

Ìkejì nínú ohun tó ń bàjẹ́ ni nọ́ńbà ilé. Lọ wo ilé 102 àti 70 yẹn, àwọn tó yí ìdáhùn padà, wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí ilé tó jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 61 ní ráwùn kìíní tó wá di ọkùnrin ẹni ọdún 34 ní ìkejì, ilé yẹn kì í ṣe ilé kan náà mọ́, bóyá wọ́n kó lọ ni tàbí òṣìṣẹ́ yín kan ìlẹ̀kùn kejì. Irú àṣìṣe báyìí ló ń fa r wálẹ̀, ẹ ti náwó àtúnlọ tán, ẹ ò rí èrè ẹ̀ kó. Tó o bá rí r 0.2 lórí nǹkan tó yẹ kó dúró, bíi bóyá ilé ní iná mànàmáná, nọ́ńbà ilé ni kó o kọ́kọ́ fura sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé 300 tuntun yẹn. Ṣírò ìyípadà nínú ilé 900 nìkan: ó bọ́ láti 360 sí 328, ìdínkù póíńtì 3.56, sítáńdáàdì ẹ́rọ̀ 1.45. Ṣé o rí i? Ilé 900 nìkan, ẹ́rọ̀ ẹ̀ kéré ju ti gbogbo 1,200 lọ! Ìdí ni pé 300 tó jáde (120 nínú wọn ní oúnjẹ tán) àti 300 tó wọlé (110) jẹ́ kóńgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyípadà tiwọn jẹ́ póíńtì 3.33 àmọ́ ẹ́rọ̀ ẹ̀ tó 3.97, tó o bá wá fún wọn ní ìdá mẹ́rin wọn nínú àròpọ̀, ariwo ni wọ́n ń pa mọ́ ọn. Tó o bá fún iye kọ̀ọ̀kan ní wéètì tó ń kéré sí i bí fáríáńsì ẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, ilé àtúnlọ á gba nǹkan bíi 0.88, àwọn tuntun á gba 0.12, àpapọ̀ jẹ́ ìdínkù póíńtì 3.53 pẹ̀lú ẹ́rọ̀ 1.36. Èrò yìí ló wà lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní composite estimation, ìyẹn ìṣirò àkópọ̀, nínú ìwádìí CPS ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń ka àwọn tí kò níṣẹ́ lóṣooṣù. Jessen ti kọ nípa pípín sáńpù sí ilé àtijọ́ àti ilé tuntun láti 1942, lórí ìwádìí oko ní ìpínlẹ̀ Áíówà. Àmọ́ má tìtorí èyí ju ilé tuntun nù o. Ilé tẹ́ ẹ rí lẹ́ẹ̀mejì ni ilé tí kò kó lọ, ilé tí ẹ̀ ń bá ẹnìkan nílé, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn tó kó lọ jẹ́ àwọn tí ebi lé jáde gan-an. Ilé tuntun ló ń jẹ́ kó o mọ̀ bóyá èyí ń ṣẹlẹ̀.

Wọ́n tún wúlò fún nǹkan kan tó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ní ráwùn kìíní, gbogbo ilé 1,200 ló jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ìbéèrè yín. Ní ráwùn kejì, 900 ti mọ̀ pé téèyàn bá ti sọ pé oúnjẹ tán, òṣìṣẹ́ á tún béèrè ìbéèrè mẹ́wàá míì lé e lórí, òun sì fẹ́ lọ gbé ìkòkò kaná. Ló bá ní rárá. Kì í ṣe nínú ìwádìí oúnjẹ nìkan o: Barbara Bailar fi hàn ní 1975 nínú CPS pé àwọn ilé tó wà ní oṣù àkọ́kọ́ wọn máa ń fún ìjọba ní iye aláìníṣẹ́ tó ga ju ti ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó dúró fún orílẹ̀-èdè kan náà. CPS lè gbé e torí pé lóṣù gbogbo, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló máa ń wà nínú ẹ̀, ọ̀kan ní oṣù àkọ́kọ́ ẹ̀, ọ̀kan ní ìkejì, títí dé ìkẹjọ, àìtọ́ yẹn wá máa ń jọra lóṣooṣù, tí wọ́n bá yọ oṣù kan kúrò nínú èkejì, púpọ̀ nínú ẹ̀ á lọ. Tiyín ò tíì dọ́gba bẹ́ẹ̀. Nítorí náà fi ilé 300 tuntun wé 900 nínú ráwùn kejì: 36.7% sí 36.4%. Kò sí ìyàtọ̀ tó hàn, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ́rọ̀ ìfiwéra yẹn jẹ́ póíńtì 3.2, ó lè má rí àìtọ́ póíńtì 3 rárá. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn, pé ẹ wò ó, ẹ ò rí i, àti bí ojú yín ṣe mọ.

Ní ti bóyá kẹ́ ẹ máa padà sí ilé 1,200 kan náà, kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ ìyípadà láti ráwùn kan sí èkejì nìkan, pẹ̀lú r 0.6, ká mú fáríáńsì ráwùn kọ̀ọ̀kan ní 0.0002, ẹ́rọ̀ á bọ́ láti nǹkan bíi 1.48 sí 1.26. Àmọ́ tó bá jẹ́ àròpín ọdún lẹ fẹ́ gbé fún ìjọba, pé ìdá báyìí nínú ilé ni oúnjẹ tán níbẹ̀ lọ́dún yìí, àmì ìyọkúrò inú fọ́múlà á di àmì àròpọ̀, torí àṣìṣe kan náà lẹ ń kó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àròpín ráwùn méjì pẹ̀lú ilé tuntun pátá ní ẹ́rọ̀ 1.00, pẹ̀lú àtúnlọ 75% ó di 1.20, pẹ̀lú ilé kan náà pátá ó di 1.26. Ohun tó ń ran ọ̀kan lọ́wọ́ ló ń pa èkejì lára. Kí n tó kan àárẹ̀ àwọn ènìyàn: ilé tẹ́ ẹ bá kan ìlẹ̀kùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹjọ, ẹ bẹ̀ mí kẹ́ ẹ má ṣe é.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nínú ètò yín ni ọ̀rọ̀ ọdún sí ọdún. Oúnjẹ ní àsìkò tiẹ̀. Ìgbà tí iṣu tuntun dé, ilé kún, ìgbà tí wọ́n ti gbin èbù tán tí tuntun ò tíì ta, ilé á ṣófo. Ìdínkù tẹ́ ẹ rí ní oṣù mẹ́ta yìí lè jẹ́ àsìkò nìkan, ìfiwéra tó nítumọ̀ ni ti oṣù kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Wo ètò tẹ́ ẹ ń lò: ẹgbẹ́ mẹ́rin, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa wà nínú ẹ̀ fún ráwùn mẹ́rin tẹ̀léra, ọ̀kan ń jáde ọ̀kan ń wọlé. Àtúnlọ yín jẹ́ 75% sí ráwùn tó tẹ̀ lé e, 50% sí ìkejì, 25% sí ìkẹta, nígbà tó bá fi máa pé ọdún, òdo. Ilé kan ṣoṣo ò ní sí nínú méjèèjì, níbi tẹ́ ẹ ti nílò ẹ̀ jù lọ.

Àwọn tó ṣe CPS mọ èyí dáadáa, ìdí tí wọ́n fi lo 4-8-4 láti 1953 nìyẹn: ilé kan máa wà nínú ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, á sinmi oṣù mẹ́jọ, á padà fún oṣù mẹ́rin kan náà lọ́dún kejì. Lóṣù sí oṣù, àtúnlọ jẹ́ 75%, ní ọdún sí ọdún ó jẹ́ 50%. (Àdírẹ́sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé o, kì í ṣe ènìyàn, ẹni tó bá kó lọ, ẹni tó kó wọlé ni wọ́n máa bá, nítorí náà iye ènìyàn tí wọ́n bá lẹ́ẹ̀mejì ní tòótọ́ kéré sí bẹ́ẹ̀.) Ìlú Ọba náà, nínú ìwádìí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, fi ilé sínú ẹ̀ fún ìgbà márùn-ún tẹ̀léra, 80% láti ráwùn sí ráwùn, ìgbà karùn-ún yẹn ló sì ń fún wọn ní 20% tí ọdún bá pé.

Fún yín, tí ẹ ń ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, màá mú 2-2-2, bí Pólándì ṣe ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ tiwọn. Ilé á wà nínú ẹ̀ fún ráwùn méjì, á sinmi ráwùn méjì, á tún padà fún méjì, ìgbà mẹ́rin péré lẹ máa kan ìlẹ̀kùn ẹ̀. Àtúnlọ jẹ́ 50% láti ráwùn sí ráwùn, àti 50% ní ọdún sí ọdún. Ẹ̀ ń pàdánù díẹ̀ níbi oṣù mẹ́ta, ẹ́rọ̀ á ti 1.48 lọ sí nǹkan bíi 1.67 tí r bá dúró ní 0.6. Níbi ọdún, r máa kéré sí i torí ọdún gùn, ká ní ó jẹ́ 0.4, ẹ́rọ̀ á bọ́ láti 2.00 sí 1.79, nígbà tí ètò tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ báyìí ò ní dín in kù rárá.

Ẹ ò ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó wà nínú ráwùn kejì yẹn, ẹ jẹ́ kí méjì lọ sinmi báyìí, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn àti ti aládùúgbò kan tó mọ̀ wọ́n, torí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án á kọjá kẹ́ ẹ tó padà débẹ̀, ibẹ̀ ni ilé ti máa ń sọnù. Nọ́ńbà àdúgbò àti nọ́ńbà ilé ni kẹ́ ẹ tì pa lónìí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ìwádìí á fi parí. Kó o tó fi 1.47 yẹn hàn ọ̀gá ẹ, wá ilé 172 tó yí ìdáhùn padà jáde, wo ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni olórí ilé, kó o fi iye tó bá ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sí mi.